Sítétọ́ọ̀sì àbí gúrúùpù Wasáàpù: èwo ló bá ọjà tẹ́ ẹ ń tà káàkiri Ìbàdàn mu?

Ìbéèrè táwọn tó ń fi fóònù tajà máa ń bi mí jù rèé, ṣé kí n máa gbé ọjà mi sórí sítétọ́ọ̀sì ni àbí kí n kúkú dá gúrúùpù sílẹ̀. Èmi náà á wá bi wọ́n pé kí lẹ ń tà, báwo ló ṣe wúwo tó, ibo sì làwọn tó ń rà á ń gbé. Torí ní ìlú tó fẹ̀ bí Ìbàdàn yìí, ẹni tó wà ní Bódìjà tó ní ọ́dà kan ní Ológuńẹrú, òmíì ní Ṣáléǹjì, òmíì ní Akóbọ̀, tó sì ń gbé e lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ọ̀nà lè jẹ èrè ẹ̀ tán pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ti máa ń hàn, àmọ́ iye ojú tó wò ó nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà.

Èmi ń ta gaàrì Ìjẹ̀bú, èlùbọ́, ẹja àrọ̀ gbígbẹ àti epo pupa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ọ̀kírìkà, àwọn gáùn àti ṣẹ́ẹ̀tì tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣà nínú béèlì. Ilé kan náà la ti ń tajà, síbẹ̀ sítétọ́ọ̀sì ló ń gbé ọjà tiẹ̀, gúrúùpù ló ń gbé tèmi, kò sì sẹ́ni tó lè gba ọ̀nà ẹnìkejì ẹ̀ kó rí bó ṣe ń rí fún un. Ọjà àwa méjèèjì ni màá fi ṣàlàyé.

Ta ló ń rí i?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi sítétọ́ọ̀sì, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣi ìṣirò. Bí tiyín bá wà lórí `My contacts`, bó ṣe máa ń wà látilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti séèfù nọ́ńbà onítọ̀hún, òun náà gbọ́dọ̀ ti séèfù tiyín, bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, kò ní rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó ní ẹgbẹ̀rún kan nọ́ńbà lórí fóònù á gbé fọ́tò sókè láàárọ̀, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wákàtí 24 pé tó sì wọlẹ̀ lọ, àwọn tó wò ó lè má ju igba lọ. Nọ́ńbà wọn wà lọ́dọ̀ ẹ lóòótọ́, àmọ́ tiẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe sí i ni pé bí ẹnì kan bá ti sanwó tán báyìí, kó tó kó aṣọ fún dísípáàṣì, á ti kọ̀wé sí wọn pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi séèfù nọ́ńbà yìí kẹ́ ẹ lè máa rí àwọn tuntun tá a bá já", òun náà á séèfù tiwọn pẹ̀lú àdúgbò wọn lẹ́yìn ẹ̀, bíi Mọ́mì Tólú Akóbọ̀, Àǹtí Báńkì Dùgbẹ̀. Àdúgbò yẹn ṣe pàtàkì gan-an, ẹ máa rí i tá a bá dé ibi dẹlífárì.

Iye tẹ́ ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ojú yẹn náà ò pé. Àwọn tó bá ti pa `Read receipts` lórí fóònù wọn máa ń wò ó láìjẹ́ pé orúkọ wọn hàn, nítorí náà àwọn tó rí i gan-an lè ju iye yẹn lọ. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti múùtù yín, Wasáàpù ò ní sọ fún yín, àmọ́ ẹ lè fura, bí ẹnì kan tó máa ń wò ó tẹ́lẹ̀ bá ń gbé tiẹ̀ sókè lójoojúmọ́ tẹ́ ò sì rí orúkọ ẹ̀ níbi tiyín mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ohun tó sábà máa ń fà á ni ká gbé fọ́tò ọgbọ̀n sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táwọn ìlà kéékèèké tó wà lókè á ti dà bí ẹyin èèrà, ẹni tó bá rí i báyẹn á kàn fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé ju bíi mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan, iye owó àti sáìsì sì máa ń wà lára fọ́tò kọ̀ọ̀kan, torí ó ti rí i pé ọ̀pọ̀ ò ní bèèrè iye tí wọn ò bá rí i níbẹ̀, wọ́n á kàn gbà pé ó wọ́n ni.

Ẹ má sì tìtorí ojú púpọ̀ lọ gba àwọn fáìlì nọ́ńbà tí wọ́n ń pín kiri pé kí gbogbo èèyàn séèfù ara wọn. Ojú máa pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó wà ní Kánò tàbí Ẹ̀nugù tó ń wo gáùn ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà tó wà ní Ìbàdàn, kí ló fẹ́ fi rà. Ọgọ́rùn-ún kan èèyàn tó ń gbé láàárín Mọ́níyà sí Ṣáléǹjì wúlò fún ẹni tó ń ta ọjà kéékèèké ju ẹgbẹ̀rún méjì tó wà káàkiri Nàìjíríà lọ, èmi ò sì rí ohun tó lè mú mi yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Gúrúùpù ní tiẹ̀ ò bèèrè ẹni tó séèfù ẹni. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹ̀ ń gba mẹ́sẹ́ẹ̀jì nìyẹn, ó lè gba èèyàn 1,024, ohun tẹ́ ẹ kọ láàárọ̀ Ajé ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì fún ẹni tó bá fẹ́ yí i sókè wò. Bẹ́ ẹ bá tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì tiyín mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ wá lọ sí `Info`, ẹ máa rí àwọn tó ti kà á. Àmọ́ gúrúùpù lariwo ń pa. Ẹnì kan á gbé àdúrà òwúrọ̀ wá, òmíì á gbé fídíò òṣèlú wá, òmíì á wá polówó ọjà tiẹ̀ lábẹ́ ọjà yín, láàárín oṣù kan ẹ̀yin fúnra yín ò ní fẹ́ ṣí i mọ́. Ohun tí mo ṣe sí tèmi ni pé mo tì í pa, ádímíìnì nìkan ló lè kọ nǹkan, mo máa ń ṣí i láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo sì ń tì í padà ní Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́jọ alẹ́. Láàárín àkókò yẹn nìkan ni wọ́n lè kọ ọ́dà. Ìdí tí mi ò fi ní kí wọ́n máa wá sí ínbọ́ọ̀sì ni pé tí ìyá kan bá kọ pé "kóńgò mẹ́wàá o, tọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn dùn, kò ní yanrìn rárá", mẹ́ta mẹ́rin míì máa tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹnu ẹni tó ti jẹ ẹ́ ń ta gaàrì ju fọ́tò tèmi lọ, torí gaàrì ò lẹ́wà nínú fọ́tò, gbogbo gaàrì jọra wọn.

Ọjà ẹyọ kan, ọjà àràtúnrà

Gáùn ọ̀kírìkà kan, ẹyọ kan ni, sáìsì kan ni, bó bá ti lọ ó ti lọ. Ẹ wá gbé irú ẹ̀ sínú gúrúùpù tó ní ọgọ́rùn-ún obìnrin, àwọn mẹ́ta máa kọ "tèmi nìyẹn" láàárín ìṣẹ́jú kan náà, èyí tí ẹ bá fún nínú wọn, àwọn méjì tó kù ti bínú lójú gbogbo ayé. Lórí sítétọ́ọ̀sì, kálukú ń fèsì lábẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹlòmíì ń bèèrè, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín, ẹ̀gbọ́n mi á sì pa fọ́tò yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́ni kan bá bèèrè ohun tó ti lọ, kì í bèèrè mọ́, nítorí náà fọ́tò ọjà tó ti tà tó ṣì wà lókè ń lé kọ́sítọ́mà ni.

Ohun míì tún wà níbẹ̀ táwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ síta. Ẹni tó ń ra ọ̀kírìkà ò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tàbí ará ibi iṣẹ́ ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀kírìkà ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ iye tó rà á. Bó bá jẹ́ pé inú gúrúùpù ló ti gbọ́dọ̀ bèèrè, á kúkú dákẹ́. Ẹni tó ń ra èlùbọ́ ò nírú ìtìjú yẹn, kò sóhun tó burú níbẹ̀ tí aládùúgbò ẹ̀ bá mọ̀ pé èlùbọ́ ló rà.

Ní ti ọjà tèmi, ohun kan náà ni wọ́n ń rà lóṣooṣù, nígbà míì lọ́ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Mi ò nílò pé kí n máa yà wọ́n lẹ́nu lójoojúmọ́. Ohun tí mo nílò ni pé kí n mọ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ iye kóńgò tí wọ́n fẹ́, kí n lè lọ gbé odidi àpò lọ́jà Bódìjà láàárọ̀ Ẹtì dípò kí n máa wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ alátúntà. Sítétọ́ọ̀sì ò lè ṣe ìyẹn fún mi, torí ọ́dà á máa kán tótó wá ni, ọ̀kan lónìí, méjì lọ́túnla, mi ò ní mọ ìgbà tí àpò kan pé.

Ibi dẹlífárì ni owó wà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ báyìí. Àwọn iye tí mo fẹ́ kọ yìí, àpẹẹrẹ ni, ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ tiyín rọ́pò ẹ̀. Ká ní ọ́dà mẹ́fà ni mo ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦7,000, èrè tèmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦1,200. Gbogbo èrè mi lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ₦7,200. Láti Bódìjà, dísípáàṣì ń gba ₦2,500 lọ sí apá Akóbọ̀.

Bó bá jẹ́ sítétọ́ọ̀sì, Mọ́mì Tólú máa rí i lọ́jọ́ Ajé, á ní kí n gbé tiẹ̀ wá, dísípáàṣì lọ sí Akóbọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹnì kan ní Baṣọ̀run bèèrè, dísípáàṣì tún gba ojú ọ̀nà yẹn kan náà. Lọ́jọ́bọ̀ ẹnì kan ní Ojúurin, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá fi máa tán, ₦15,000 ti lọ sórí ọ̀kadà, yálà èmi ni mo san án àbí àwọn. Ẹni tó ra ọjà ₦7,000 tí wọ́n sì ní kó san ₦2,500 lé e máa san án lẹ́ẹ̀kan torí kò fẹ́ já mi kulẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì á wọ ọkọ̀ lọ ra tiẹ̀ lọ́jà tó sún mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ́ kí kọ́sítọ́mà lọ nìyẹn, ìyá náà ò ní sọ fún yín, á kàn máa kí yín dáadáa ni.

Bó bá jẹ́ gúrúùpù tó ní ọjọ́ kan pàtó, àwọn mẹ́fà yẹn á ti kọ orúkọ wọn kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Sátidé la máa gbé e. Dísípáàṣì kan ṣoṣo gba Àṣí, Ìdí-Apẹ́, Baṣọ̀run, Jẹ́nẹ́rà Gáàsì, Akóbọ̀, ó parí ẹ̀ sí Ojúurin. Èmi àti ẹ̀ jọ ṣàdéhùn ₦2,500 fún ibi tó jìn jù, àti ₦700 fún ibì kọ̀ọ̀kan tó bá tún dúró lójú ọ̀nà. Márùn-ún míì nìyẹn, ₦3,500, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ ₦6,000. Kálukú san ₦1,000. ₦9,000 tó ṣẹ́kù yẹn ju gbogbo èrè tí mo jẹ lórí ọjà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ. Ìdí tí mo fi ń sọ pé ọ̀nà ló ń yan gúrúùpù fún mi nìyẹn.

Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní gúrúùpù kan fún gbogbo Ìbàdàn. Ojú ọ̀nà ni mo fi pín in, Akóbọ̀ wà lọ́tọ̀, UI sí Òjòó sí Mọ́níyà wà lọ́tọ̀, Sángo sí Ìjókòdó sí Apẹ̀tẹ̀ wà lọ́tọ̀, Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀ sí Rìǹgì Róòdù sí Ṣáléǹjì náà wà lọ́tọ̀. Ibi tí àdúgbò tẹ́ ẹ kọ mọ́ orúkọ lórí fóònù ti máa wúlò nìyẹn, ẹ kàn máa wá "Apẹ̀tẹ̀" lórí fóònù, gbogbo àwọn tó ń gbé níbẹ̀ á jáde.

Ó níbi tó máa ń dí sí o. Àpótí ẹ̀yìn ọ̀kadà ò gba ohun tó pọ̀, bó bá jẹ́ pé kálukú ń ra kóńgò mẹ́wàá mẹ́wàá, àfi kẹ́ ẹ pe onímárúwá, owó ẹ̀ sì yàtọ̀. Epo pupa, ẹ dè é ní nylọ́ọ̀nù méjì kẹ́ ẹ sì gbé e dúró, torí bó bá jò sórí èlùbọ́ ẹlòmíì, ẹ̀yin lẹ máa san méjèèjì. Ohun tó sì máa ń ba ìrìn Sátidé jẹ́ jù ni ẹni tí kì í gbé fóònù. Dísípáàṣì á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan títí, oòrùn á mú un, àwọn mẹ́rin tó kù á máa pè mí. Mo ti kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa dúró, ẹni tí ò bá jáde, ọjà ẹ̀ á padà wálé, owó dẹlífárì míì ló máa fi gbà á. Wọ́n kọ́kọ́ kùn, àmọ́ wọ́n ń gbé fóònù báyìí.

Bí ọ́dà ojú ọ̀nà kan ò bá tó mẹ́ta, ẹ ti padà sí owó sítétọ́ọ̀sì nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé gúrúùpù ni. Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ bẹ̀ wọ́n kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ máa bá yín gba ẹrù. Ìyá kan tó ń ta ìwé àti bírò ló ń bá mi ṣe é ní apá Apẹ̀tẹ̀, gbogbo ẹrù á já sọ́dọ̀ wọn, àwọn tó rà á á wá mú un nígbà tí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, bí ìyá náà bá sì ra tiẹ̀, mi ò gba owó dẹlífárì lọ́wọ́ wọn rí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ọ̀kírìkà náà ní ìṣòro dẹlífárì, gáùn ₦6,000 pẹ̀lú ₦2,500 ò bọ́ sí i. Ohun tí òun ń ṣe ni pé kọ́sítọ́mà á san owó gáùn tónìí, kò ní gbé e, ẹ̀gbọ́n mi á kọ orúkọ ẹ̀ sára nylọ́ọ̀nù kan, bó bá tún rí òmíì lọ́jọ́ kẹta á san án, á kó o mọ́ ọn, nígbà tó bá tó mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n á wá gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ ò lè bàjẹ́ nínú nylọ́ọ̀nù, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe. Ẹja ò lè dúró bẹ́ẹ̀, ẹja gbígbẹ tó bá pẹ́ nínú nylọ́ọ̀nù tí atẹ́gùn ò wọ̀ máa hu. Àmọ́ ẹni tó bá ń kó aṣọ jọ báyìí, kó fi ọjọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ méjì ni ti ẹ̀gbọ́n mi, torí àwọn kan á san owó tán wọ́n á gbàgbé, ilé yín á wá di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí.

Owó

Lórí sítétọ́ọ̀sì, ẹnì kan sí ẹnì kan ni, owó wọlé, ọjà jáde, kò ṣòroó tọ́pa. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀ ni áláàtì èké, torí àjèjì pọ̀ lórí sítétọ́ọ̀sì, pàápàá àwọn tí ẹlòmíì bá yín gbé ọjà sókè fún. Síkírínṣọ́ọ̀tì kì í ṣe owó, mẹ́sẹ́ẹ̀jì lásán náà kì í ṣe owó. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kẹ́ ẹ rí i pé iye tó wà nínú àkáǹtì ti lọ sókè, kí dísípáàṣì tó gbé ẹsẹ̀. Àmì tí mo mọ̀ sí àwọn gbájúẹ̀ yìí ni kánjúkánjú, ẹni tó ti rán dísípáàṣì tiẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yín kó tó sanwó, tó wá ń pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà á, ẹ jẹ́ kó máa pariwo.

Ní gúrúùpù, ìdàrúdàpọ̀ ló wà níbẹ̀ ju olè lọ. Ọgbọ̀n èèyàn á san owó lálẹ́ kan, orúkọ tó máa hàn lórí àkáǹtì máa jẹ́ ti ọkọ wọn, ti ọmọ wọn, ti oní-POS àdúgbò, ẹ ò ní mọ ti ta ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú gúrúùpù àti àdúgbò wọn síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa kọ́pì líìsì ọ́dà kí wọ́n fi orúkọ ara wọn kún un kí wọ́n tún gbé e síbẹ̀, torí bí àwọn méjì bá kọ́pì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá dé kẹ́yìn máa pa orúkọ ẹnìkejì rẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi lọ́jọ́ Sátidé tí onítọ̀hún bá pè pé òun ò rí ẹrù òun. Wọ́n á kọ ọ́dà lásán, èmi ni mo máa ń kó o jọ, tí mo bá sì tì í pa ní aago mẹ́jọ, màá gbé e jáde báyìí:

ỌJÀ SÁTIDÉ, Ọ̀NÀ AKÓBỌ̀
1. Mọ́mì Tólú, Akóbọ̀: gaàrì kóńgò 5, epo lítà 2 ✅
2. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Baṣọ̀run: èlùbọ́ kóńgò 4 ✅
3. Bàbá Ìbejì, Ojúurin: ẹja kílò 1, gaàrì kóńgò 3

Ẹni tó ní ✅ ti sanwó. Ẹni tí ò ní, bó bá fi máa di aago mẹ́fà àárọ̀ Ẹtì tí kò san án, mi ò ní ra tiẹ̀ lọ́jà, Bàbá Ìbejì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi owó ara wọn ra ọjà fún ẹni tó kàn kọ "ẹ kọ tèmi síbẹ̀ o" ló ń padà ní ẹja kílò mẹ́fà nílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí kò sẹ́ni tó ni ín.

Ewu kan tó wà nínú gúrúùpù tí kò sí lórí sítétọ́ọ̀sì

Àwọn tó ń wo sítétọ́ọ̀sì yín ò lè rí ara wọn. Nínú gúrúùpù lásán, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ń rí nọ́ńbà gbogbo èèyàn, ẹ ìbáà tì í pa. Ẹni tó ń ta irú ọjà yín lè wọlé bíi kọ́sítọ́mà, kó máa wọ ínbọ́ọ̀sì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fura bí ọ́dà àdúgbò kan bá já lulẹ̀ lójijì láìsí ẹ̀sùn kankan. Èyí tó burú jù ìyẹn ni ẹni tó máa fi fọ́tò yín àti orúkọ yín sórí nọ́ńbà míì, á wá máa kọ̀wé sí àwọn mọ́mì yẹn pé "àkáǹtì wa ti yí padà o, ibí ni kẹ́ ẹ san án sí". Kó tó dọ́jọ́ náà, ẹ ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ tó wà lórí ẹ̀ sínú àlàyé gúrúùpù, kó jẹ́ pé ádímíìnì nìkan ló lè yí i padà, kẹ́ ẹ sì tún un sọ lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé ẹ ò ní pààrọ̀ àkáǹtì nínú ínbọ́ọ̀sì láé.

Bí èèyàn bá ti ń pọ̀, ẹ lè lo `Community` tí Wasáàpù ṣe. Ibi ìkéde tó wà nínú ẹ̀, àwọn èèyàn ò lè rí nọ́ńbà ara wọn níbẹ̀. Àmọ́ àwọn kọ́sítọ́mà ò ní lè máa kọ ọ́dà síbẹ̀ kí ẹlòmíì rí i, ohun tó ń tajà fún mi gan-an nìyẹn, nítorí náà mi ò lò ó fún ọ́dà. Ìkéde nìkan ni mo ń fi ṣe.

Ìránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan

Èyí tí wọ́n ń pè ní `Broadcast` wà láàárín méjèèjì, mi ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀. Líìsì kan ń gba èèyàn 256, ó ń dé ínbọ́ọ̀sì kálukú bí ẹni pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí, àmọ́ ẹni tí ò bá séèfù nọ́ńbà yín ò ní rí i gbà. Ó dáa fún ìkéde ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pé béèlì tuntun ti dé, pé Sátidé yìí la máa gbé ọjà. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ojoojúmọ́, wọ́n á bulọ́ọ̀kù yín, bí àwọn tó fẹjọ́ yín sun bá sì pọ̀, Wasáàpù lè ti nọ́ńbà náà pa. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń lo GB àti àwọn Wasáàpù ayédèrú yẹn kí wọ́n lè ráńṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀. Ẹ séèfù nọ́ńbà kọ́sítọ́mà yín sórí àkáǹtì Gúgùlù, kó má jẹ́ orí fóònù nìkan, torí bí nọ́ńbà bá kú tàbí fóònù bá sọnù, àwọn èèyàn yẹn ni gbogbo ọjà yín.

Èwo lẹ máa wá yàn?

Bí ohun tẹ́ ẹ ń tà bá jẹ́ ẹyọ kan kan, aṣọ, bàtà, báàgì, wíìgì, tó fúyẹ́, tí kò lè bàjẹ́, tí ẹni tó ń rà á sì fẹ́ bò ó láṣìírí, sítétọ́ọ̀sì ni, ẹ má wulẹ̀ dá gúrúùpù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń rà léraléra, tó wúwo, tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé lápò lápò, gúrúùpù ni, kẹ́ ẹ sì fi ojú ọ̀nà pín in. Kéèkì àti oúnjẹ sísè ò bọ́ sí ìkankan nínú méjèèjì dáadáa, torí ọjọ́ tí kálukú fẹ́ ẹ yàtọ̀ síra, sítétọ́ọ̀sì ni mo máa mú fún un, kẹ́ ẹ sì má gba ọ́dà tó kọjá apá ibi tí ọ̀kadà lè dé kó tó bàjẹ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó ń ta oúnjẹ bíi tèmi, á ṣì gba orí sítétọ́ọ̀sì kọjá ni, torí kò tíì mọ àwọn tó máa kó sínú gúrúùpù. Ẹ máa tà á níbẹ̀ fún bí oṣù méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa kọ àdúgbò mọ́ orúkọ, ẹ máa rí ojú ọ̀nà tó ti ń pọ̀. Àwọn tó bá ti rà á lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ má kàn fà wọ́n wọlé láìsọ fún wọn, torí ẹni tí wọ́n fà wọ inú gúrúùpù láìbi í máa jáde lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo kọ sí wọn nìyí:

"Ẹ káàsán mà. Mo fẹ́ máa gbé ọjà wá sí apá Akóbọ̀ ní gbogbo Sátidé kí owó dẹlífárì lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦1,000. Gúrúùpù kékeré ni, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nìkan la máa ń kọ nǹkan síbẹ̀. Ṣé kí n fi yín kún un?"

Bí àwọn mẹ́jọ bá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni lójú ọ̀nà kan, ẹ lè ṣí i lọ́sẹ̀ yẹn, torí nínú mẹ́jọ, ẹ máa rí bíi mẹ́rin tó máa kọ ọ́dà lọ́sẹ̀ kan, mẹ́rin sì ti tó láti gbé dísípáàṣì jáde.